Àgbàdo Tí Kì Í Ṣe Àgbàdo: Bí Èso Orí Fóònù Ṣe Ń Gba Ìtumọ̀ Kejì

Ká mú un pé obìnrin kan ń ta àgbàdo sísè ní Òkè-Àfá, lápá ibi Géètì Jákàńdè. Àsìkò òjò ni, àgbàdo tuntun ti jáde, ó sì fẹ́ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ orí WhatsApp tètè gbọ́. Ó ya fọ́tò ìkòkò rẹ̀, ó gbé e sójú ìpolówó, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé:

Àgbàdo gbígbóná ti dé o 🌽🌽💦 Ẹ wá gbádùn ara yín 😏

Lójú tirẹ̀, kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Àgbàdo ló ń tà, omi ló fi sè é, ẹ̀rín ló sì fi ń pe èèyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tó bá rí i lè bú sẹ́rìn-ín, kó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú yàrá ni wọ́n kà níbẹ̀.

Báwo ni àgbàdo ṣe débẹ̀? Ìró ló gbé e dé ibẹ̀. Àwọn ìkànnì bíi TikTok máa ń ti fídíò tó bá dárúkọ fíìmù oníhòòhò sẹ́yìn. Orúkọ tí Òyìnbó ń pe irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sì dún bí orúkọ tí wọ́n ń pe àgbàdo, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló yàtọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bá fi àwòrán àgbàdo rọ́pò ọ̀rọ̀ náà kí ẹ̀rọ má bàa mú wọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2022, àmì náà ti tàn kálẹ̀.

Yorùbá mọ irú ọgbọ́n yìí tipẹ́. Kí lẹ́tà tó dé, àrokò là ń fi ránṣẹ́. Owó ẹyọ méjì tí a so kojú síra wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Tí a bá so wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, ìjà ni. Láàárín àwọn Ìjẹ̀bú, owó ẹyọ mẹ́fà lè sọ fún ẹni tó gbà á pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí i, nítorí pé ẹ̀fà jọ fà létí. Owó ẹyọ kò yí padà nínú gbogbo èyí. Iye rẹ̀, bí a ṣe so ó, àti àdéhùn àárín àwọn tó ń lò ó ló ń gbé ìtumọ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmójì rí.

Ti ikàn, 🍆, yàtọ̀ díẹ̀. Jàpáànì ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti bẹ̀rẹ̀ èmójì nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, ikàn sì níyì níbẹ̀: ẹni tó bá lá àlá ikàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, oríire ni wọ́n kà á sí. Ní ọdún 2010, àjọ Unicode, tó ń fún gbogbo lẹ́tà àti àmì orí kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà, fi 🍆 sínú àkójọ rẹ̀, pẹ̀lú èso píìṣì, 🍑. Wọ́n wá dé ọwọ́ àwọn èèyàn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ikàn tàbí píìṣì lójoojúmọ́.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Tòmátì pupa kò ráyè di ọ̀rọ̀ yàrá, nítorí pé ojoojúmọ́ là ń fi í sọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Àmì tí kò níṣẹ́ ni ìtumọ̀ mìíràn ń rí gbà. Ikàn gùn, ó sì tóbi. Píìṣì là láàárín bí ìdí ènìyàn. Nígbà tí ìkànnì Emojipedia yẹ 🍑 wò lórí Twitter ní ọdún 2016, ìdá méje péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń sọ̀rọ̀ èso náà gan-an. Ní ọdún yẹn kan náà, Apple tún 🍑 yà kó lè jọ èso gidi, ariwo sì ta débi pé ilé iṣẹ́ náà dá ìdí padà sí i láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kẹrin ọdún 2015, Instagram jẹ́ kí èèyàn lè fi èmójì wá nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ 🍆.

Ẹni tó ń ta ikàn ní Ìsọlọ̀ wá ń jìyà rẹ̀ lọ́nà méjì. Ikàn tiwa funfun ni, tàbí kó jẹ́ àwọ̀ ewé, ó sì kéré. Èyí tó wà lórí fóònù gùn, àwọ̀ àlùkò ló ní. Kò jọ ọjà tó wà nínú agbọ̀n, ohun tí oníbàárà yóò sì kọ́kọ́ rántí kì í ṣe ọbẹ̀.

Kí ni olùtajà lè ṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kó wo àwọn èmójì tó wà nítòsí èso náà. Èmójì tó máa ń ba nǹkan jẹ́ jù ni 💦. Ọ̀pọ̀ olùtajà ń lò ó láti sọ pé wọ́n fọ ọjà tàbí pé ó tutù, ṣùgbọ́n orúkọ tí Unicode fún un ni SPLASHING SWEAT SYMBOL, ìyẹn òógùn tó ń ta sílẹ̀. Tí omi bá pọn dandan, 💧 sàn jù ú lọ. Ojú ẹ̀rín 😏 àti ahọ́n 👅 náà máa ń yí èso padà. Ọ̀rọ̀ pàápàá ń ṣe é: ẹni tó bá kọ "ó gùn, ó le, ó tutù" sábẹ́ fọ́tò kùkúńbà kò nílò èmójì kankan kí wọ́n tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú òfin tí Facebook tún ṣe ní ọdún 2019, èmójì nìkan kò tó ẹ̀sùn. Ó di ẹ̀sùn nígbà tó bá pàdé ọ̀rọ̀ ìpè tàbí ìbéèrè ìbálòpọ̀.

Èkejì, kó jẹ́ kí fọ́tò ọjà sọ̀rọ̀, kí àkọlé sì sọ iye, ibi àti àkókò. Ìpolówó obìnrin Òkè-Àfá yẹn lè wá di:

Àgbàdo sísè ti òní, pẹ̀lú àgbọn 🌽🥥 Géètì Jákàńdè, aago mẹ́rin sí mẹ́jọ alẹ́.

Àgbàdo náà ṣì wà níbẹ̀. Àgbọn ti di alábàárìn rẹ̀, gbogbo ọmọ Èkó sì mọ̀ pé oúnjẹ làwọn méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, kó tó gbé e jáde, kó fi han ọ̀dọ́ kan àti àgbàlagbà kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láì ṣàlàyé ohunkóhun. Ẹ̀rín músẹ́ ọ̀dọ́ yẹn ti tó ìkìlọ̀. Kó tún tẹ èmójì náà sínú àpótí ìwákiri ìkànnì tó fẹ́ lò, kó wo ohun tí àwọn ẹlòmíì ń fi ṣe lóṣù yẹn, torí àwọn ìtumọ̀ wọ̀nyí kì í dúró sójú kan. Èyí tó mọ́ lónìí lè dọ̀tí lọ́dún tó ń bọ̀.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ó ti jáde, àmì rẹ̀ kì í fara sin: àwọn tí kì í ra ọjà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ẹ̀rín dáhùn, kò sì ní sí ẹni tó béèrè iye owó. Lórí Instagram, èèyàn lè tún àkọlé kọ. Ohun tí a gbé sí Status WhatsApp máa ń wà níbẹ̀ fún wákàtí 24. Kí olùtajà pa á rẹ́ kíákíá, kó sì gbé òmíràn tí kò ní 💦 jáde kí àgbàdo tó tutù.