Èrè Pọ̀ Nínú Ìwé, Owó Tán Nínú Àpò

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ W. T. Grant ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba ilé ẹjọ́ lọ, ó ní apá òun kò ká gbèsè ọrùn òun mọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Ilé ìtajà rẹ̀ tó nǹkan bí 1,200, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì lé ní 80,000. Láti 1966 títí dé 1972, èrè tó ń kéde lọ́dọọdún kò wálẹ̀ ju mílíọ̀nù 30 dọ́là. Títí di 1974 ló ṣì ń pín owó fún àwọn onípìn-ín rẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń jèrè lọ́dọọdún ṣe wá di ẹni tí kò lówó lọ́wọ́?

Ní 1980, àwọn onímọ̀ ìṣírò owó méjì, James Largay àti Clyde Stickney, tú ìwé ilé-iṣẹ́ náà wò. Wọ́n rí i pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú ìṣubú rẹ̀, ọjà tó ń tà kò mú owó wọlé. Ṣe ló ń gba owó jáde. Ohun tí èrè bò mọ́lẹ̀ ni ìṣàn owó fi hàn wọ́n. Lóde òní, ìlànà ìṣírò àgbáyé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ní 2012, sọ ọ́ di dandan kí àkọsílẹ̀ ìṣàn owó wà nínú ìròyìn ọdọọdún. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà kò ní jẹ́ kí èrè nìkan tan òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì nìyí. Ọjọ́ tí ọjà bá dé ọwọ́ oníbàárà ni onísirò ti máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti tà á, ì báà jẹ́ pé àwìn ni oníbàárà gbé e lọ. Èrè orí ọjà náà ti wọ ìwé lọ́jọ́ yẹn. Owó rẹ̀ lè dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó sì lè má dé mọ́. Àkọsílẹ̀ ìṣàn owó kò ka àwìn sí. Owó tó wọlé gan-an àti owó tó jáde gan-an nìkan ló ń kà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń kan àga àti tábìlì fún àwọn ilé-ìwé àti ọ́fíìsì. Lọ́dún tó kọjá, ó ta ọjà mílíọ̀nù 40 náírà, ó sì jèrè mílíọ̀nù 8. Lọ́dún yìí, ó ta ti mílíọ̀nù 60, èrè sì di mílíọ̀nù 12. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò kí ọ̀gá wọn kú oríire. Àmọ́ àkọsílẹ̀ ìṣàn owó orí èrè yẹn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa tọ́ ọ ṣe títí yóò fi kan owó.

Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìgégi ń gbó. Onísirò ti yọ mílíọ̀nù 2 kúrò nínú èrè nítorí gbígbó yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí wọ́n san mílíọ̀nù 2 fún lọ́dún yìí. Nítorí náà, wọ́n á dá a padà: 12 di 14. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á wo àwọn tó gbé ọjà láwìn. Mílíọ̀nù 6 ni gbèsè ọrùn àwọn oníbàárà nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ti di 18. Mílíọ̀nù 12 tó fi lé yìí wà nínú ọjà tí wọ́n kọ pé àwọn tà, kò sì tíì dé ọwọ́ wọn. Ẹ yọ ọ́: 14 di 2. Pákó àti àga tó wà nílẹ̀ náà ti kúrò ní ti mílíọ̀nù 5, ó di ti mílíọ̀nù 11. Mílíọ̀nù 6 ti di pákó. Ẹ yọ ìyẹn náà, ó di 4 lábẹ́ òdo. Ohun kan ló gbà wọ́n díẹ̀: gbèsè tí àwọn fúnra wọn jẹ oníṣòwò pákó fi mílíọ̀nù 1 lé sí i, ìyẹn owó tí wọn kò tíì san. Ó wá ku mílíọ̀nù 3 lábẹ́ òdo. Inú àkámọ́ ni ẹ ó ti bá irú iye bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé òwò tó jèrè mílíọ̀nù 12 ti gba mílíọ̀nù 3 jáde nínú àpò.

Apá kìíní nìyẹn, owó inú òwò gan-an. Apá kejì ni owó tí wọ́n fi ra ohun ìní ọlọ́jọ́ pípẹ́, tàbí èyí tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n tà á. Ilé-iṣẹ́ wa ra ọkọ̀ ìkẹ́rù ní mílíọ̀nù 7. Apá kẹta ni owó tó ti ọ̀dọ̀ báńkì àti àwọn onípìn-ín wá, tàbí tó padà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n yá mílíọ̀nù 8 ní báńkì. Ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: mílíọ̀nù 3 jáde, 7 jáde, 8 wọlé. Owó dín ní mílíọ̀nù 2. Bí mílíọ̀nù 2 àbọ̀ bá wà nílẹ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ìdajì mílíọ̀nù ló kù. Owó oṣù òṣìṣẹ́ lè máà kúrò nínú ìyẹn.

Ohun tó ṣe Grant kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé tirẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ. Ó ń ṣí ilé ìtajà tuntun léraléra, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gbọ́dọ̀ kún fún ọjà. Kí ọjà lè tà, ó ń fún àwọn oníbàárà láwìn, àwọn kan sì lè fi tó oṣù 36 san án. Ìtà ń pọ̀, èrè ń hàn nínú ìwé, gbèsè ìta sì ń ga. Owó tí wọ́n fi ń ra ọjà tuntun àti èyí tí wọ́n ń pín fún àwọn onípìn-ín, báńkì ni wọ́n ti ń yá a. Nígbà tó hàn gbangba pé ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé àwìn kò ní san, èrè ti tán. Ọdún ìṣírò tó parí ní oṣù Kìíní 1975 gbé àdánù tó ju mílíọ̀nù 170 dọ́là wá.

Kì í ṣe gbogbo àkámọ́ ló ń kéde ikú o. Ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòòrò lè ní irú rẹ̀ ní ọdún kan. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá gbèsè ìta ń yára ju ọjà títà lọ. Ẹ pín gbèsè ìta sí ọjà títà ọdún náà, kí ẹ sì fi 365 sọ ọ́ di púpọ̀. Ní ti oníṣẹ́ àga wa, 6 nínú 40 jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 55. 18 nínú 60 sì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 110. Ìtà fi ìdajì lé, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró de owó di ìlọ́po méjì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa gbé ọjà fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ní òun fẹ́, tàbí kí àwọn tó gbé e má lówó láti san.

Owó inú òwò tó pọ̀ náà lè tan ni. Ọ̀gá tó bá dá owó oníṣòwò pákó dúró di oṣù Kìíní yóò rí owó púpọ̀ nínú ìwé oṣù Kejìlá, gbèsè náà yóò sì dé lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí ọdún kan kò fi tó láti ṣe ìdájọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan, tàbí tí ẹ fẹ́ gbé ọjà fún un láwìn, ẹ gba ìròyìn rẹ̀ ti ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ kọ èrè ọdún kọ̀ọ̀kan sí apá kan, kí ẹ kọ owó inú òwò sí apá kejì. Bí èrè bá ń ga lọ́dọọdún, tí owó inú òwò kò sì tẹ̀ lé e, tó jẹ́ pé ẹ̀yáwó ló ń dí àlàfo náà, ẹ mú owó yín dání, kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí èrè náà wà.