Ọjọ́ Ìbí Nínú Excel: Bí Ọjọ́ àti Oṣù Ṣe Ń Gbapò Ara Wọn, àti Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Tó Péye

Excel kì í tọ́jú ọjọ́ bí ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ni ó fi ń pa á mọ́: 1 Oṣù Kìn-ín-ní 1900 ni nọ́ńbà 1, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni 2, bẹ́ẹ̀ ni kíkà náà ń lọ títí di òní. 7 Oṣù Kẹta 2015 jẹ́ 42070. Ohun tí ojú ń rí, ìbáà ṣe 07/03/2015 tàbí 7-Mar-15, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún nọ́ńbà náà ni. Torí pé nọ́ńbà ni, èèyàn lè yọ ọjọ́ kan kúrò lára òmíràn kí ó sì mọ iye ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì.

Bí Excel kò bá dá ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́, á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì àpótí rẹ̀, nọ́ńbà a sì fara ti apá ọ̀tún, bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì yí ìtò wọn padà. `=ISNUMBER(A2)` ni ó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀: `TRUE` fún ọjọ́ tòótọ́, `FALSE` fún ọ̀rọ̀.

Ìṣòro tó le jù bẹ̀rẹ̀ láti inú ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ ni a ń kọ ṣáájú oṣù. Ní Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú, ètò Amẹ́ríkà ló sì wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ká gbà pé akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tẹ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, bó ṣe rí wọn nínú ìwé:

```
A2   07/03/2015
A3   25/12/2014
A4   14 Mar 2016
A5   9 Ẹrẹ́nà 2015
A6   2014
```

Ní A3, kọ̀ǹpútà ń wá oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò rí i, ó sì fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Ní A2, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Ó ka 07 sí Oṣù Keje, ó sì fi 42188 pamọ́, ìyẹn 3 Oṣù Keje 2015. Ọjọ́ 118 ni ó fi yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà, kò sì sí àmì àṣìṣe kankan lójú àpótí. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á máa lé èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kiri, wọ́n á sì fọkàn tán èyí tó ti di ọjọ́. Bẹ́ẹ̀, èyí tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ni kò tíì bàjẹ́.

Ọ̀nà wà láti fi mọ̀ pé ìpààrọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà pè ní ọjọ́ níbẹ̀ jẹ́ oṣù tẹ́lẹ̀, oṣù kì í sì í ju 12 lọ. Nítorí náà, bí `=DAY(A2)` kò bá kọjá 12 lórí gbogbo ọjọ́ tòótọ́ tí wọ́n fi àmì `/` tẹ̀ nínú òpó gígùn kan, tí gbogbo èyí tó ju 12 lọ sì jẹ́ ọ̀rọ̀, ìpààrọ̀ ti wáyé.

Kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí òpó A wà bó ṣe wà, kí àbájáde máa bọ́ sí òpó B. Fọ́múlà tó wà nísàlẹ̀ yìí ń dá oṣù àti ọjọ́ padà sí àyè wọn fún èyí tó ti di nọ́ńbà, ó sì ń gé ọ̀rọ̀ sí mẹ́ta kí ó tó sọ ọ́ di ọjọ́:

```
=IF(ISNUMBER(A2),
 IF(DAY(A2)>12,A2,DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2))),
 DATE(RIGHT(A2,4),MID(A2,4,2),LEFT(A2,2)))
```

Pẹ̀lú rẹ̀, A2 padà di 7 Oṣù Kẹta 2015, A3 sì di 25 Oṣù Kejìlá 2014. A4 ni ìdí tí `DAY(A2)>12` fi wà níbẹ̀. Orúkọ oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kà á dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kí a tún un pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ààbò yìí kò tó fún 9 Mar 2015, torí pé 9 kò ju 12 lọ. Fọ́múlà á sọ ọ́ di 3 Oṣù Kẹsàn-án. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ṣeé dá mọ̀ nítorí pé orúkọ oṣù ń hàn lójú àpótí wọn. Ṣe ni kí a dá wọn sí bí wọ́n ṣe wà.

A5 á mú `#VALUE!` wá, torí pé Excel kò mọ Ẹrẹ́nà. Bí irú rẹ̀ kò bá pọ̀, kí a tẹ `=DATE(2015,3,9)` sínú B5 ló rọrùn jù. `#VALUE!` yìí náà ló máa ń yọ bí akọ̀wé bá kọ 25/3/2014 láìfi òdo ṣáájú 3, torí pé àyè tí fọ́múlà ti ń wá oṣù ti yẹ̀. Kí a fi òdo náà sí i, á sì ṣiṣẹ́.

A6 kò ní fa àmì àṣìṣe. Nọ́ńbà ni 2014, Excel á sì kà á sí ọjọ́ tó wà ní ipò 2014, èyí tí í ṣe 6 Oṣù Keje 1905. Kò sí fọ́múlà tó lè wá ọjọ́ àti oṣù tí kò sí nínú ìwé. Kí B6 ṣófo títí ìwé ẹ̀rí ìbí á fi dé. Fífi 1 Oṣù Kìn-ín-ní dí àyè náà léwu, torí pé ẹni tó bá kà á lẹ́yìn náà á rò pé òótọ́ ni.

Nígbà tí òpó B bá ti mọ́, ọjọ́ orí kù. Ká ní 1 Oṣù Kẹfà 2023 ni ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n:

```
=DATEDIF(B2,DATE(2023,6,1),"Y")
```

`"Y"` ń ka ọdún tó pé; `"YM"` ń ka oṣù tó ṣẹ́kù lórí ọdún náà. Kí a tẹ `DATEDIF` tán pátápátá, torí pé Excel kì í dá orúkọ rẹ̀ lábàá. Ọmọ inú ìlà 2 jẹ́ ọdún 8. Ká ní ọjọ́ ìbí tó yí padà ni wọ́n lò, ọdún 7 ni ì bá jẹ́. Ti ìlà 3 jẹ́ ọdún 8 àti oṣù 5. Kíkọ ọjọ́ òṣùwọ̀n kan pàtó sàn ju `TODAY()` lọ, torí pé `TODAY()` á máa yí ọjọ́ orí padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ṣí fáìlì náà.

Àwọn kan máa ń fi 365.25 pín iye ọjọ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1 Oṣù Kẹfà 2013 pé ọdún 10 gééré ní ọjọ́ òṣùwọ̀n yìí, àmọ́ ọjọ́ 3652 ló wà láàárín. Bí a bá pín in, á di 9.9986, bí a bá sì gé ìdá náà kúrò, ọmọ ọdún 9 ni ìwé á pè é.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn ni kí a wo ọjọ́ orí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù pẹ̀lú `MIN` àti `MAX`. Bí A6 bá ti yọ́ wọlé, ẹni ọdún 117 á fara hàn láàárín àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n `MAX` kò lè rí ọmọ ọdún 8 tó di ọdún 7. Kí a mú ìlà mélòó kan tí ọjọ́ wọn kò ju 12 lọ, kí a fi wọ́n wé ìwé tí a ti kọ́kọ́ dà wọ́n kọ. Fún àwọn tí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, kí ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn, bí 2015-03-07. Bákan náà ni Excel máa ń ka ìyẹn, ì báà jẹ́ ètò Amẹ́ríkà tàbí ti ibòmíràn ló wà lórí kọ̀ǹpútà.