Fọ́tò Ayẹyẹ Kan, Ojú Mẹ́ta: Ta Ni A Ó Gé Kúrò?

Nígbà tí a bá ń ṣe ayẹyẹ ọdún ilé ẹ̀kọ́, a máa ń ya fọ́tò gbogbogbòò. Àwọn àgbà á jókòó níwájú, ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù á wà láàrin, àwọn yòókù á sì tò sẹ́yìn wọn. Láyé àtijọ́, ohun tí oníkámẹ́rà bá tẹ̀ sórí ìwé ni gbogbo ènìyàn ń rí lára ògiri. Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò kan náà yóò ti dé ojú mẹ́ta: ojú sítétọ́ọ̀sì Wọ́sáàpù tí ó ga tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ojú onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba ti Ínsítágíráàmù, àti orí ojú ìwé ayélujára tí ó fẹ̀ tí kò sì ga. Ohun tí kò bá gba ojú wọ̀nyí, gígé ni wọn yóò gé e. Etí ni a sì ti máa ń gé fọ́tò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa pé: ta ni ó jókòó létí?

Ìwọ̀n tí ó ń ṣe ìdájọ́ ọ̀rọ̀ yìí ni ìbú sí gíga. Kámẹ́rà fóònù púpọ̀ máa ń ya fọ́tò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 4 nígbà tí gíga rẹ̀ jẹ́ 3, bí a bá dá fóònù náà dùbúlẹ̀. Sítétọ́ọ̀sì jẹ́ 9 ní ìbú, 16 ní gíga. Ti onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba jẹ́ 1 sí 1.

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ mẹ́rìndínlógójì kan wò ní Iléṣà, tí wọ́n tò ní ìlà mẹ́ta, ènìyàn méjìlá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì kún fọ́tò náà láti etí dé etí. Fọ́tò náà jẹ́ 4000 píksẹ́lì ní ìbú, 3000 ní gíga. Bí a bá gé e sí 1 sí 1, ìbú 3000 ni yóò kù: ènìyàn mẹ́sàn-án nínú méjìlá ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gé e sí ti sítétọ́ọ̀sì, ìbú tí yóò kù kò tó 1700. Ènìyàn márùn-ún ni yóò kù ní ìlà kan, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré nínú mẹ́rìndínlógójì. Àwọn mọ́kànlélógún tí ó kù wá síbi ayẹyẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo sítétọ́ọ̀sì náà ní Lọ́ńdọ́nù kò ní mọ̀ pé wọ́n wá.

Àwọn kan yóò ní kí a má gé e rárá, kí a fi odindi rẹ̀ sí sítétọ́ọ̀sì. Ojú sítétọ́ọ̀sì sábà máa ń jẹ́ 1080 píksẹ́lì ní ìbú. Bí ènìyàn méjìlá bá pín in, 90 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan tèjìká-tèjìká, ojú rẹ̀ kò sì ní ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta èyí lọ. Òkùnkùn ni yóò gba òkè àti ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn yóò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò ní dá ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ti orí ojú ìwé yàtọ̀, nítorí òkè àti ìsàlẹ̀ ni ó ń gé. Fesibúùkù, fún àpẹẹrẹ, máa ń fi àwòrán orí ojú ìwé hàn ní 820 sí 312 lórí kọ̀ǹpútà, àti ní 640 sí 360 lórí fóònù. Bí a bá fi fọ́tò wa sí ìwọ̀n ti kọ̀ǹpútà, nǹkan bí ìdajì gíga rẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù: gèlè àti fìlà àwọn tí ó wà lẹ́yìn lè lọ, ẹsẹ̀ àwọn àgbà iwájú náà lè lọ. Bí a bá wá fi àwòrán tí ó jẹ́ 820 sí 360 ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà yóò gé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, fóònù yóò sì gé 90 ní apá ọ̀tún àti 90 ní apá òsì. Àárín tí ó jẹ́ 640 sí 312 nìkan ni ojú méjèèjì gbà láti fi hàn. Ibẹ̀ ni kí ènìyàn wà. Kí igi, ògiri àti pápá gba etí.

Nítorí náà, kí á tó tú ká, ẹ jẹ́ kí á ya fọ́tò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti orí ojú ìwé. Kí a dá fóònù dùbúlẹ̀, kí oníkámẹ́rà sún sẹ́yìn títí gíga àwọn ènìyàn, láti gèlè dé bàtà, kò fi ní ju ìdajì gíga fọ́tò lọ, kí àyè sì ṣẹ́ kù ní ọ̀tún àti òsì, ó kéré tán ìdá mẹ́sàn-án ìbú ní apá kọ̀ọ̀kan.

Èkejì ni ti onígun mẹ́rin. Àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ni ó dára jù fún un. Ènìyàn mẹ́rìndínlógójì lè tò ní ìlà mẹ́fà, mẹ́fà-mẹ́fà, tí ìbú wọn yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gíga wọn dọ́gba. Kí ẹni ẹ̀yìn dúró sí àlàfo èjìká àwọn méjì tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ojú má baà farasin.

Ẹ̀kẹta ni ti sítétọ́ọ̀sì, fóònù ní òòró. Ènìyàn kan sí mẹ́ta ni ó gbà dáadáa. Ìgbà tí Stephen Sprague ń ṣàlàyé àṣà fọ́tò yíyà àwa Yorùbá nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1978, tí ó dá lé Ìlá Ọ̀ràngún, ó sọ pé a fẹ́ràn kí odindi ara hàn, kí ẹni náà sì kọjú sí kámẹ́rà gbangba. Ojú tí ó ga yìí bá àṣà náà mu gan-an. Ṣùgbọ́n kí á fi àyè sílẹ̀ lókè orí, ó kéré tán 250 nínú 1920 píksẹ́lì, kí ti ìsàlẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orúkọ olùfiránṣẹ́ àti àyè èsì máa ń bo ibẹ̀. Kí á fi ìdá mẹ́jọ sílẹ̀ pẹ̀lú ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí fọ́tò òòró ti fóònù fẹ̀ ju sítétọ́ọ̀sì lọ.

Fọ́tò àtijọ́ kò ṣeé tún yà. Ilé Ẹ̀kọ́ Gírámà Iléṣà ti wà láti 1934, ti Òṣogbo láti 1950; kò sí bí a ó ti pe àwọn tí ó wà nínú fọ́tò ìgbà wọ̀nyẹn padà sórí àtẹ̀gùn. Fún irú èyí, kí a pín fọ́tò ìlà gígùn sí mẹ́ta tí ó wọnú ara wọn díẹ̀, kí a sì fi wọ́n sí sítétọ́ọ̀sì tẹ̀lé ara wọn. Ènìyàn méjìlá tí gígé ẹ̀ẹ̀kan sọ di márùn-ún yóò pé nígbà tí ẹ̀ẹ̀kẹta bá fi kọjá. Kí ògidì fọ́tò wà ní ìpamọ́ láìgé, nítorí àwọn ojú wọ̀nyí fúnra wọn ń yí padà. Títí di 2015, onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba nìkan ni Ínsítágíráàmù ń gbà. Ní 2025, ó yí àpótí ojú ewé ẹni kọ̀ọ̀kan sí 3 sí 4.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni a fi ń mọ̀ bóyá gígé náà dára: kí a ka orí. Kí a kà wọ́n nínú ògidì, kí a tún kà wọ́n lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà kí a tó fi ránṣẹ́. Bí iye kò bá dọ́gba, kí a wá orúkọ ẹni tí ó ṣẹ́ kù sẹ́yìn, kí a sì tún un gé.