Ìdí tí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé fi ń Kọ̀ Káátíríìjì Tuntun

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ tẹ ìbéèrè ìdánwò. Nígbà tí tàdáwà bá tán, wọn a ra káátíríìjì tuntun, èyíinì ni àpótí kékeré tí tàdáwà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wá sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbà pé ó ti bàjẹ́, wọn a sì jù ú nù, bẹ́ẹ̀ ni ó sì lè jẹ́ pé tàdáwà inú rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sábà ń fa ìkọ̀sílẹ̀ yìí, ó sì yẹ kí a mọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó tún náwó.

Lára káátíríìjì ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó gbé ṣíìpù dání. Nínú ṣíìpù yìí ni a kọ irú káátíríìjì náà àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Àwọn ojú kéékèèké tí ń dán bí wúrà wà lórí pátákó náà; àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké kan sì wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fara kan ojú wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń gbà bi ṣíìpù ní ìbéèrè, ibẹ̀ náà ni ṣíìpù ń gbà dáhùn. Ẹni tí ń ṣe ìdájọ́ ìdáhùn náà ni fámúwíà, èyíinì ni àkójọ àṣẹ tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ kọ sí inú rẹ̀. Nítorí náà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ kò gbọ́ ṣíìpù rárá; ó sì lè jẹ́ pé ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n fámúwíà kò gba ohun tí ó sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àìgbọ́. Ọ̀rá ìka ọwọ́, tàdáwà gbígbẹ, tàbí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbàgbé láti bó kúrò, ó tó láti dí ọ̀nà náà. Ẹ yọ káátíríìjì náà, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tí kì í bọ́ òwú, tí a rẹ díẹ̀ nínú omi tí a sè di oruru tí a sì tún gbà padà, nu ojú wúrà náà jẹ́jẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan ibi tí tàdáwà ń gbà jáde. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ tì í wọlé títí yóò fi dún pé ó ti wọ̀.

Ní ti fámúwíà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni ẹ̀rí tí ó dára jù. Ní ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ HP tí a ń pè ní OfficeJet Pro ṣàdédé kọ káátíríìjì tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe. Káátíríìjì tí ó tẹ̀wé ní àná ni ẹ̀rọ ń pè ní èyí tí ó bàjẹ́ ní òní. Kò sí èyí tí ó bàjẹ́ nínú wọn. Àṣẹ ti wà nínú fámúwíà ṣáájú, ọjọ́ náà ni ó ń dúró dè. Àwọn oníbàárà fi ariwo ta, HP tọrọ àforíjì nínú oṣù náà, ó sì ṣe fámúwíà mìíràn tí ó mú àṣẹ náà kúrò. Ní ọdún 2018 ni ó gbà láti san mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là láti fi parí ẹjọ́ tí wọ́n pè é sí ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó jáde lẹ́yìn náà.

Báwo ni a ó ṣe mọ ìyàtọ̀? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ dá káátíríìjì àtijọ́ padà sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá mọ̀ ọ́n, bí ó tilẹ̀ ní tàdáwà rẹ̀ ti tán, àwọn abẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ kò ní àrùn. Ara tuntun ni kí ẹ ti wá ọ̀ràn náà. Bí ẹ bá ti nù ún dáadáa tí ìdáhùn kan náà sì ń padà wá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé fámúwíà ni ó kọ̀ ọ́. Bí ẹ̀rọ bá kọ àtijọ́ pẹ̀lú, ẹ nu àwọn abẹ́rẹ́ náà, kí ẹ sì tẹ ojú ìwé tí ń sọ ipò ẹ̀rọ jáde. Nọ́ńbà fámúwíà wà níbẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ti gba àṣẹ tuntun láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ó ṣòro láti dá fámúwíà àtijọ́ padà, nítorí náà kí ọ̀ràn tó dé ni kí ẹ ti pa gbígba àṣẹ tuntun láìbéèrè, bí ẹ̀rọ yín bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Èyí náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé àṣẹ tuntun a máa dí ihò tí olè lè gbà wọ inú ẹ̀rọ. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ ra káátíríìjì tí a tún rọ tàdáwà sí, tí ṣíìpù àkọ́kọ́ ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà lára rẹ̀. HP fúnra rẹ̀ sọ pé irú ìdènà tirẹ̀ kì í kọ ìwọ̀nyí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ẹni tí ń tà á ṣe àdéhùn pé yóò gbà á padà bí ẹ̀rọ bá kọ̀ ọ́.