Ìwọ̀n Òróró Inú Lọ́fínńdà àti Ìtọ́jú rẹ̀ nínú Ooru Ìlú Akra

Lọ́fínńdà jẹ́ àpòpọ̀ òróró olóòórùn dídùn àti ọtí líle tí à ń pè ní álíkóhọ́ọ̀lù, pẹ̀lú omi díẹ̀. Bí a bá fọ́n ọn sára, ọtí náà yóò gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òróró ni yóò sì kù. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ìwọ̀n òróró pín lọ́fínńdà sí oríṣiríṣi.

Nínú ìdá 100, òróró inú bọ́dì síprè sábà máa ń jẹ́ 1 sí 3. Ti kòlóóni jẹ́ 2 sí 5. Ti èyí tí a kọ EDT sí lára jẹ́ 5 sí 15. Ti EDP jẹ́ 15 sí 20. Ti páfọ̀ọ̀mù gan-an sì jẹ́ 20 sí 30, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣà àwọn olùṣe lọ́fínńdà ni ìpín yìí. Wọn kò pa á pọ̀ délẹ̀délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó lọ ra lọ́fínńdà ní ọjà Mákọ́là, ní Akra. Bí òróró bọ́dì síprè bá jẹ́ 2 nínú 100, agolo mìlílítà 150 ní òróró mìlílítà 3 péré. Bí ti EDP bá jẹ́ 18 nínú 100, ìgò mìlílítà 50 ní mìlílítà 9, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta ti agolo ńlá náà.

Síbẹ̀, ìwọ̀n òróró nìkan kọ́ ni ó ń mú òórùn pẹ́. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, ooru ọ̀sán Akra máa ń tó nǹkan bí 32 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ooru yìí ń mú kí òróró tètè gbẹ lára, òógùn sì ń ṣàn án dànù. Òróró ọsàn ni ó kọ́kọ́ ń lọ; ti igi olóòórùn, oje igi àti fàníla ni ó ń pẹ́. Awọ gbígbẹ kì í dá òórùn dúró. Nítorí náà, lẹ́yìn ìwẹ̀, kí a fi òrí tí kò ní òórùn líle, èyí tí àwọn Akan ń pè ní ǹkúto, pa ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí a tó fọ́n lọ́fínńdà lé e. Ọ̀rá rẹ̀ yóò dín ìyára tí òróró fi ń gbẹ kù.

Ooru kan náà ni ọ̀tá lọ́fínńdà nínú ìgò, òun pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Kí a dé ìgò náà dáadáa, kí a dá a padà sínú páálí rẹ̀, kí a sì gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn kì í ta sí, kì í ṣe ojú fèrèsé tàbí ilé ìwẹ̀. Kí a má fi agolo bọ́dì síprè sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a gbé sínú oòrùn: ooru ibẹ̀ lè ju 50 lọ, agolo náà sì lè bú gbàmù.

Àwọ̀ tí ó ṣú nìkan kò fi hàn pé lọ́fínńdà ti bàjẹ́, nítorí fàníla a máa ṣú fúnra rẹ̀. Kí a fọ́n ọn sórí bébà, kí a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ṣì ń rùn bí ọtí kíkan tàbí òróró àtijọ́, ó ti bàjẹ́. Kí a má fi irú rẹ̀ sára mọ́, nítorí òróró ọsàn tí afẹ́fẹ́ ti bà jẹ́ lè mú kí ara máa yún ènìyàn.