Oúnjẹ Ẹni tí Kíndìnrín Rẹ̀ Ń Ṣàárẹ̀: Omi tí Ẹ Fi Se Iṣu, Ẹ Dà Á Nù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kan ìkòkò àti àwo ju igò oògùn lọ. Láti Bódìjà dé Agbowó, láti Dùgbẹ̀ dé Ríìgì Róòdù àti Ṣálẹ́ńjì, ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé máa ń kọ́kọ́ ṣe bí dókítà bá sọ fún wọn pé kíndìnrín ọkọ wọn ti ń ṣàárẹ̀. Wọn a dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù, wọn a sì lọ ra iṣu tó gbó dáadáa àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, kí ara baba lè le. Ohun àkọ́kọ́ dára. Èkejì lè pa baba náà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Èròjà kan wà tí à ń pè ní pòtásíọ̀mù. Ó wà nínú gbogbo ohun tí ó hù láti inú ilẹ̀, ọkàn àti iṣan wa kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Kíndìnrín tí ara rẹ̀ dá a máa da èyí tí ó bá ṣẹ́kù sínú ìtọ̀. Kíndìnrín tí ó ti rẹ̀ kò lè dà á tán, nítorí náà a ó máa kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀. Lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ ó rí i níbi tí wọ́n kọ lẹ́tà K sí. Láti 3.5 sí 5.0 ni ó yẹ kí ó wà. Bí ó bá ti kọjá 5.5, dókítà yóò fẹ́ fà á wálẹ̀. Bí ó bá kọjá 6.5, ọkàn lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ni pé ẹlòmíràn kì í rí àmì kankan ṣáájú. Ẹlòmíràn yóò rí i pé ẹsẹ̀ òun kò lágbára láti gun àtẹ̀gùn mọ́, tàbí kí àyà rẹ̀ máa lù ségesège. Ẹni tí ó bá rí irú èyí, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye hàn yín. Ẹni tí pòtásíọ̀mù rẹ̀ ga, wọ́n sábà máa ń ní kí ó má jẹ ju 2,000 sí 2,500 mílígíráàmù lọ lójúmọ́. Àwo iṣu sísè kan tí ó wọn 300 gíráàmù, èyí tí kò ju ohun tí àgbàlagbà ń jẹ lẹ́ẹ̀kan lọ, ní bíi 2,000 nínú. Ìrẹsì funfun tí a ti sè, tí òun náà wọn 300 gíráàmù, ní bíi 100 péré. Nítorí náà, àwo iṣu kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìpín ọjọ́ kan, kí a tó mẹ́nu kan ọbẹ̀.

Bí a Ṣe Lè Se Iṣu Náà

Ṣé kí ọmọ Yorùbá má jẹ iṣu mọ́ ni? Rárá o. Omi ni ó ń gba pòtásíọ̀mù jáde nínú iṣu, bí a bá ti mọ bí a ó ṣe lò ó. Ẹ bẹ iṣu náà, kí ẹ gé e sí wẹ́wẹ́ bí ṣúgà onígun, kì í ṣe ní ọ̀bẹ̀ǹbẹ́ ńlá. Ẹ ṣàn án. Bí iṣu bá jẹ́ ife kan, ẹ da omi ife márùn-ún sí i, ẹ má fi iyọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ da omi náà nù. Ẹ bu omi tuntun sí i, kí ẹ sè é títí yóò fi jinná, kí ẹ sì tún da omi kejì nù.

Àwọn kan gbà pé rírẹ iṣu sínú omi tútù mọ́jú ti tó. Kò tó. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà dán irú èyí wò lára ànàmọ́ òyìnbó, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2008. Èyí tí wọ́n kàn rẹ sínú omi kò pàdánù pòtásíọ̀mù kan tí ó tó nǹkan. Èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì sè pàdánù bí ìdajì. Iná àti gígé wẹ́wẹ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ó dín kù ni, kò tán. Nítorí náà, kí iṣu tí a sè báyìí jẹ́ ìdajì àwo, kí ó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti mọ ọ̀rọ̀ omi yìí lè fi ṣe ìdájọ́ oúnjẹ yòókù fúnra rẹ̀. Iṣu sísun àti dùńdú kò rí omi tí yóò gba nǹkan jáde lára wọn. Àsáró ń jẹ omi ara rẹ̀. Àmàlà tí a fi èlùbọ́ iṣu rò, iṣu tí oòrùn ti fa omi rẹ̀ gbẹ ni, a kì í sì í da omi àmàlà nù. Gbogbo àwọn wọ̀nyí wúwo fún ẹni tí pòtásíọ̀mù rẹ̀ ga, bẹ́ẹ̀ náà sì ni dòdò àti bọ̀ọ̀lì. Ṣùgbọ́n gààrí, a ti rin ẹ̀gẹ́ rẹ̀, a ti dì í sápò, a ti gbé òkúta lé e, omi rẹ̀ ti ṣàn lọ pẹ̀lú púpọ̀ nínú èròjà yìí. Nítorí náà ẹ̀bà ṣeé jẹ ju àmàlà lọ fún un. Ògì náà dára, ìrẹsì sì dára.

Bákan náà ni ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ẹ bọ̀ wọ́n nínú omi púpọ̀, kí ẹ fún omi wọn dànù dáadáa kí wọ́n tó wọ inú ọbẹ̀. Ewédú yàtọ̀, nítorí omi rẹ̀ gan-an ni ọbẹ̀. Ṣíbí ìbùbẹ̀ kékeré kan ni kí ẹ bù, kì í ṣe kún àwo. Tòmátò alágolo, wọ́n ti sè é títí ó fi ki, pòtásíọ̀mù rẹ̀ sì ti ki pẹ̀lú. Omi àgbọn, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá.

Iyọ̀ àti Ohun tí Ó Jọ Iyọ̀

Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù ní ilẹ̀ wa. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládìpọ̀ Akínkugbé, tí ó kú ní 2020, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí àìsàn méjèèjì ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957. Iyọ̀ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan tí a fi ọwọ́ gé orí rẹ̀ lọ, a sì ti ka ti inú búrẹ́dì, ẹja gbígbẹ àti mágì mọ́ ọn. Ju ìdajì lára mágì onígun ni ó jẹ́ iyọ̀. Ẹni tí kò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ju mágì mẹ́ta sí i kò tíì ṣe nǹkan kan. Kán-ún tí a ń fi se ẹ̀wà àti ewédú, ìbátan iyọ̀ ni òun náà, ẹ yọ ọ́ kúrò. Irú, ẹ bi ẹni tí ń tà á bóyá ó fi iyọ̀ sí i. Ata, àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀ àti efinrin ni kí ẹ fi wá adùn.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi fún iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru ní ilé ìtajà ńláńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pòtásíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò iyọ̀ gidi. Ohun tí ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí kíndìnrín rẹ̀ le lè jẹ́ májèlé fún ẹni tí tirẹ̀ ti rẹ̀.

Ẹran Mélòó?

Ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ní èròjà purotéènì, ìdọ̀tí tí ó sì ń kù lẹ́yìn rẹ̀ nínú ara, kíndìnrín ni ó ń kó o dànù. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ríìgì Róòdù, tí ó wọn 60 kílò, tí K rẹ̀ jẹ́ 5.9, tí kò sì tíì dé orí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Láàárọ̀ ó ń jẹ iṣu àti ẹyin, lọ́sàn-án ẹ̀wà àti dòdò, lálẹ́ àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹran mẹ́rin, kí ó tó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ panu. Ta ni kò ní pè é ní oúnjẹ rere?

Ìwọ̀n purotéènì tirẹ̀ ni 0.8 gíráàmù fún kílò kan, èyí tí ó jẹ́ 48 lójúmọ́. Láàárọ̀, kí ó mu ògì (2), kí ó jẹ ẹyin kan (6) àti búrẹ́dì ẹ̀lẹ́ méjì (5). Lọ́sàn-án, ìrẹsì àwo kan (8) àti ẹja tí ó tó páálí ìṣáná méjì (15). Lálẹ́, ẹ̀bà (2), ẹ̀fọ́ tí a fún omi rẹ̀ dànù (2) àti ẹran tí ó tó páálí ìṣáná kan (8). Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Kò pa ebi, kò sì ju agbára kíndìnrín rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò rẹ̀ tí òun náà wọn 60 kílò bá wà lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ń gba purotéènì lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò 60 sí 72 lójúmọ́. Bí ó bá wo àwo tíṣà yìí tí ó sì fara wé e, yóò rù, yóò sì rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí K rẹ̀ wà ní 4.2: kò sí ìdí tí yóò fi máa sá fún iṣu àti èso bí kò ṣe pé dókítà ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́sífeètì kò gùn. Òun ni ó máa ń mú kí ara yún aláìsàn, kí egungun sì máa dùn ún, bí ó bá pọ̀ lẹ́jẹ̀. Ti inú ẹ̀wà kì í wọ ara tán, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ọwọ́ pò mọ́ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò dúdú àti ẹran inú agolo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ara tán. Ẹ fi àwọn wọ̀nyí sílẹ̀, kí ẹ dín wàrà alágolo kù, kí ẹ má sì rún egungun ẹja. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn rẹ̀, àárín oúnjẹ ni ẹ ó ti lò ó. Bí ẹ bá lò ó sínú òfìfo, kò rí ohun tí yóò dè mọ́lẹ̀.

Èyí tí ó kù ni pé oúnjẹ nìkan kọ́ ni ó ń gbé K sókè. Lísínópírìlì àti sípáírónólákítóònù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọkàn, a máa gbé e sókè pẹ̀lú. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Ẹ di orúkọ gbogbo oògùn yín sínú ìwé, kí ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín bí ẹ bá ń lọ rí dókítà. Nígbà tí ẹ bá ti yí oúnjẹ padà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò. Iye tí ó wà níwájú K ni yóò sọ bóyá omi iṣu náà lọ dànù lóòótọ́.