Bí Òdo Bá Wà Láàárín Wọn

Ẹ mú 2, 0, 4, 5. Ní ipò kọ̀ọ̀kan, a fẹ́ ìsọdipúpọ̀ àwọn yòókù. Kí á sọ gbogbo wọn di púpọ̀, kí á wá fi ti ipò náà pín in? Òdo kò gbà: a kì í fi òdo pín nǹkan.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tó wà lósì ipò kọ̀ọ̀kan: 1, 2, 0, 0. Níbi tí kò ti sí nǹkan, 1 là ń kọ. Ti ọ̀tún ni 0, 20, 5, 1. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ ní méjì-méjì: 0, 40, 0, 0. Ipò òdo nìkan ló bọ́, torí kò ka ara rẹ̀.

Bí òdo bá di méjì, ibi yòówù kí ẹ dúró sí, ọ̀kan ṣì kù lára àwọn yòókù. Òdo ni gbogbo ìdáhùn.